Ìdáhùn mi lórí iṣẹ́ àti iye tó ń wọlé

Ẹ káalẹ́ o. Bí mo ṣe ti ṣọ́ọ̀bù dé ni mo rí ìbéèrè yín pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe, àti pé èló ló ń wọlé fún mi lóṣù. Ẹ ṣeun tó jẹ́ pé èmi gan-an lẹ bi.

Káfíńtà ni mí, nítòsí ọjà pákó Bódìjà n'Ìbàdàn níbí. Bẹ́ẹ̀dì, àga, tábìlì oúnjẹ àti kọ́bọ́ọ̀dù ìdáná ni mò ń kàn jù. Mo kọ́ iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ ọ̀gá, mo gba fírídọ̀mù kí n tó dá dúró, ọmọṣẹ́ méjì ló sì wà lọ́dọ̀ mi báyìí. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, pàápàá bí ìrókò tó gbẹ dáadáa bá bọ́ sí mi lọ́wọ́.

Ní ti iye tó ń wọlé lóṣù, ẹ jọ̀wọ́, mi ò tíì fẹ́ dárúkọ rẹ̀. Ìbéèrè yín ò bí mi nínú rárá. Láyé àtijọ́, alárinà ló máa ń wádìí iṣẹ́ ọkùnrin, ìwà rẹ̀, gbèsè tó bá jẹ àti àrùn tó bá wà nídìílé, kí ọ̀rọ̀ tó dé etí ẹbí. Lórí fóònù yìí, àwa fúnra wa là ń ṣe alárinà ara wa, ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè. Àmọ́ ọ̀sẹ̀ yìí la ṣẹ̀ṣẹ̀ mọra, mi ò tilẹ̀ tíì gbọ́ ohùn yín.

Owó iṣẹ́ ọwọ́ kì í sì wọlé bíi ti òṣìṣẹ́ ìjọba. Oníbàárà á san ìdajì sílẹ̀, màá fi ra pákó àti fọ́ọ̀mù, ìyókù di ìgbà tí mo bá gbé iṣẹ́ délé rẹ̀. Bí pákó bá ṣì tutù, mo gbọ́dọ̀ dúró kó gbẹ, torí bí mo bá kàn án bẹ́ẹ̀, yóò wọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣe àdìrẹ n'Ítòkú mọ bí òjò ṣe máa ń dá aṣọ tó yẹ kó gbẹ dúró. Iye kan ṣoṣo tí mo bá dárúkọ lálẹ́ yìí lè ṣì yín lọ́nà.

Èyí tí mo lè sọ ni pé mò ń san owó ilé àti ti ṣọ́ọ̀bù mi, mi ò jẹ gbèsè, mo sì ń dá àjọ. Bí ọ̀rọ̀ wa bá dé ibi tá a ti fẹ́ mọ àwọn òbí, màá ṣí ìwé ìṣirò mi fún yín láìfi ọ̀kan pa mọ́. Màá fẹ́ kẹ́yin náà sọ tiyín nígbà náà.

Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan ti fi ọ̀rọ̀ owó dùn yín rí, ẹ lè sọ fún mi. Màá gbọ́ ọ, mi ò sì ní dá yín lẹ́jọ́.

Ṣé mo lè pè yín lọ́la lẹ́yìn aago méje alẹ́? Mo fẹ́ bi yín nípa aṣọ tẹ́ ẹ ró nínú fọ́tò yẹn: ṣé ẹ̀yin lẹ ṣe é? Ẹlẹ́kọ ni àbí oníko?