Ìlà Inú Àtẹ́lẹwọ́: Ohun Tí Kò Lè Ṣèlérí

Ètò ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, agogo márùn-ún

[ÌLÙ DÙNDÚN. KÍ Ó RỌRA LỌ SÍLẸ̀.]

ATỌ́KÙN: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará Ìtòkú, ẹ̀yin ará Kútọ̀ àti Ìbarà, àti ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ọkọ̀ tí ẹ ń darí bọ̀ wálé. Àwọn àgbà ní àtẹ́lẹwọ́ la bá ìlà, a ò mọ ẹni tó kọ ọ́. Àwọn kan wà tí wọ́n ní àwọn lè ka ohun tí ẹni náà kọ síbẹ̀. Iṣẹ́ wọn, ìyẹn ìwòwọ́, la fẹ́ yẹ̀ wò lónìí. Ìyá kan tó ń rẹ aró ní Ìtòkú wà lọ́dọ̀ mi. Màmá, ẹ kú ìjókòó.

ÌYÁ ALÁRÓ: O kú iṣẹ́, ọmọ mi.

ATỌ́KÙN: Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, ẹ na ọwọ́ ọ̀tún yín sí mi. [DÁKẸ́ DÍẸ̀.] Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa, ó wù mí kí ẹ rí ọwọ́ yìí. Wọ́n ti fọ ọwọ́ wá, síbẹ̀ aró ti wọ inú ìlà kọ̀ọ̀kan, ó hàn ketekete bí èyí tí wọ́n fi ìyẹ́ adìẹ fà sára àdìrẹ. Tí ẹ kò bá sí nídìí ọkọ̀, ẹ la ọwọ́ tiyín náà.

Èyí tó yí ìdí àtàǹpàkò po ni àwọn awòwọ́ ń pè ní ìlà ẹ̀mí. Èyí tó gba àárín ọwọ́ kọjá ni ìlà orí. Kì í ṣe orí tí a kúnlẹ̀ yàn o, bí èèyàn ṣe ń ronú ni wọ́n ní lọ́kàn. Èyí tó wà lókè, lábẹ́ àwọn ìka, ni ìlà ọkàn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wo ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Àwọn kan tún ní ìlà kan tó gbéra láti ọrùn ọwọ́ lọ sí ìka àárín, tí wọ́n ń pè ní ìlà àyànmọ́. Ẹlòmíràn kò ní in rárá, ayé rẹ̀ sì ń lọ.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wo ọwọ́ ní Íńdíà àti Ṣáínà. Ẹ má pè é ní Ifá. Ikin tàbí ọ̀pẹ̀lẹ̀ ni babaláwo ń lò, Odù ló sì ń sọ̀rọ̀.

Màmá, mo rí i pé ìlà ẹ̀mí yín kò dé ìdajì ọ̀nà.

ÌYÁ ALÁRÓ: Ẹnì kan ti rí i ṣáájú ẹ. Ìyàwó tuntun ni mí nígbà náà. Ó ní n ò ní rí ogójì ọdún. Mo sunkún títí. Mo ti di ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin báyìí.

ATỌ́KÙN: Ẹ ṣé, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láìfi bọpo bọyọ̀. Ìlà ọwọ́ kò lè sọ iye ọdún tí ẹ máa lò láyé. Kò lè sọ bóyá ẹ máa rọ́mọ bí, ẹni tí ẹ máa fẹ́, tàbí bóyá ọjà máa tà. Inú oyún ni àwọn ìlà ńlá wọ̀nyí ti ń jáde, kí ọmọ tó pé oṣù mẹ́rin, níbi tí awọ ti ń ṣẹ́ bí ọwọ́ bá ká. Ọmọ tí kò tíì rí ayé kò tíì ṣe ohun kan tí wọ́n lè kọ sílẹ̀.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ awòwọ́ fi ń bá èèyàn mu nígbà míì? Ó ti rí òrùka ìka yín, ó ti fọwọ́ kan ibi tó le, ó ń wo ojú yín bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Á wá ní, “O máa ń ṣoore, àwọn èèyàn kì í mọ̀ ọ́n.” Ta ni kò ní gbà pé òun ni wọ́n ń bá wí?

Inú mi kì í dùn tí mo bá rántí àbúrò mi obìnrin. Awòwọ́ kan sọ fún un pé kò sí ìlà ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gba ogójì ẹgbẹ̀rún náírà kí ó fi tún un ṣe. Ọdún méjì ni kò fi dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ọdún méjì yẹn ló ń dùn mí ju owó náà lọ.

Tí ẹ bá ń wo ọwọ́ fún eré àti ìtàkùrọ̀sọ, n kò bá yín jà. Àmọ́ ẹni tó bá ní kí ẹ sanwó kí òun tún ìlà ṣe, ẹ dìde níwájú rẹ̀. Ohun kan sì wà tó yẹ kí ẹ wò lọ́wọ́ ọmọdé lóòótọ́: bí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bá funfun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti dínkù. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, ẹ má ṣe dúró di ọ̀la.

Màmá, kí lẹ fẹ́ fi ọwọ́ yìí ṣe lọ́la?

ÌYÁ ALÁRÓ: Aṣọ mẹ́fà wà nínú ìkòkò. Mo fẹ́ fà wọ́n jáde kí òòrùn tó mú.

[ÌLÙ DÙNDÚN. KÍ Ó GBÓKÈ. ÌRÒYÌN TẸ̀LÉ E.]