Ohun Tó Bá Kan Ọkọ̀ Yín, Ó Kàn Wá

Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ kú ojú ọ̀nà o. A ò wá kó jìnnìjìnnì bá yín. Ẹ ò ní rí àwòrán ọkọ̀ tó rún wómúwómú nínú ìwé yìí, torí kò sí awakọ̀ tí kò mọ̀ pé nǹkan lè ṣẹlẹ̀ lójú pópó. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni pé, bó bá ṣẹlẹ̀, ta ni òun máa pè?

Àwa iléeṣẹ́ adójútòfò ọkọ̀ ni kí ẹ pè.

Ká ní ẹ dúró jẹ́ẹ́ nídìí iná tó ń darí ọkọ̀, ni ẹni tó wà níwájú bá fẹ̀yìn rìn, ó gbá bọ́ńpà yín, gíláàsì iná iwájú sì fọ́ sílẹ̀. Ẹ pè wá. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa gbọ́ ni, “Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣé kò sẹ́ni tó fara pa?” Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí ara gbogbo yín bá le, ẹni tó wà lórí fóònù kò ní já a títí ẹ ó fi ṣe èyí tó yẹ: ẹ tan iná ìkìlọ̀, ẹ ya fọ́tò ọkọ̀ méjèèjì kí nọ́ńbà wọn hàn dáadáa, ẹ gba orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ẹnì kejì, kí ẹ sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ẹ má bá a fa ọ̀rọ̀. Ta ló jẹ̀bi, ta ló jàre, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún wa.

Adójútòfò tó kéré jù ń sanwó ohun tí ọkọ̀ yín bá bà jẹ́ fún ẹlòmíì. Kò ní tún tiyín ṣe. Èyí tó kún ń tún tiyín náà ṣe, títí kan jàǹbá iná àti olè. A máa ṣàlàyé èyí kí ẹ tó sanwó, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń rí ìjákulẹ̀, ó sì máa ń dùn wá. Iye tí ẹ̀yin fúnra yín á kọ́kọ́ dá sí àtúnṣe wà lójú ewé àkọ́kọ́ nínú ìwé àdéhùn yín, a kọ ọ́ gàdàgbà. Táyà tó ti jẹ tán àti ẹ́ńjìnnì tó gbó fúnra rẹ̀ kò sí nínú ohun tí à ń san. Bí ẹ bá mutí yó tí ẹ wakọ̀, a ò ní lè san tiyín. Ẹ bá wa gbé ọkọ̀ sílẹ̀, ẹ wọ takisí.

Ẹ mú ìwé ọkọ̀ àti láísẹ́ǹsì yín wá bá wa. Ìbéèrè tó bá wà lọ́kàn yín, ẹ bi wá tinútinú. Ẹ ò ní sanwó títí ẹ ó fi gbọ́ ìdáhùn tó tẹ́ yín lọ́rùn.