Sí ẹ̀gbọ́n mi, lórí owó tó wà láàárín wa

Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń retí èsì mi láti àná, ẹ má bínú pé ó pẹ́. Ẹ mọ̀ mí, bí inú bá ń bí mi, ẹnu mi kì í ní ìjánu. Mi ò fẹ́ fi ìbínú dá yín lóhùn, ni mo ṣe ní kí ilẹ̀ mọ́ ná.

Ó dùn mí pé ọjà ò tà. Ṣùgbọ́n mi ò ní lè yá yín ní owó tí ẹ béèrè yìí. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹ lè wá ọ̀nà mìíràn kí ọjọ́ tó lọ, kí ẹ má baà máa ka ọ̀rọ̀ mi lọ pẹ̀lú ìrètí pé mo ṣì ń bọ̀ wá sọ pé ó ti wà nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà á sí àfojúdi.

Owó ilé tí mo kọ́kọ́ yá yín, ẹ ní kí oṣù yẹn tó parí, ẹ ó dá a padà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ti ẹnjìnnì ọkọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ti ọjà tí ẹ fẹ́ kó wọ ṣọ́ọ̀bù. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí èyí tó tíì padà, kò sì sí èyí tí ẹ pè mí nípa rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ owó yẹn rèé o, ibi tí mo bá a dé nìyí. Bóyá bí ẹ bá ti pè mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mi ò bá má kọ gbogbo èyí.

Ohun kan wà tí mi ò sọ fún yín rí. Owó ẹnjìnnì yẹn, owó ilé-ìwé ọmọ mi àgbà ni. Mo gbé e fún yín nítorí ẹ ní ọ̀sẹ̀ méjì péré ni. Nígbà tí ilé-ìwé wọlé, mo pè yín, ẹ ò gbé e, mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, ẹ kà á. Mo lọ yá owó èlé níbi iṣẹ́ kí ọmọ má baà jókòó sílé. Títí di òní ni wọ́n ṣì ń yọ ọ́ nínú owó oṣù mi. Ẹ̀gbọ́n mi, owó tí mo yá yín láìgba èlé, èmi ni mo ń san èlé lórí rẹ̀. Ibi tó ti ń ta mí nìyẹn.

Mo mọ ohun tí ẹ lè fẹ́ sọ. Ẹ̀yin lẹ san owó ìdánwò mi nígbà tí Bàbá ò sí mọ́. Òótọ́ ni, mi ò sì ní gbàgbé láéláé. Mo rántí pé ẹ ta rédíò yín kí ẹ tó rí i san. Tí ó bá jẹ́ pé lọ́kàn yín, oore ọjọ́ yẹn ni mo ń san padà, ẹ sọ fún mi ní tààrà, kí a jọ jókòó kí a mọ èyí tó jẹ́ ọpẹ́ àti èyí tó jẹ́ gbèsè. Mi ò ní bá yín jiyàn. Ṣùgbọ́n yíyá lẹ ní ẹ fẹ́ yá a, orí ọ̀rọ̀ yẹn ni mo sì fi ètò ilé mi lé.

Èyí tó tún burú jù fún mi kì í tiẹ̀ ṣe owó. Nígbà tí a pàdé nílé Màámi lóṣù tó kọjá, bí mo ṣe ń wọlé báyìí lẹ dìde, ẹ ní ẹnì kan ń pè yín, ẹ gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Fóònù yín wà lórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife omi yín. Mo rí i, mo dákẹ́. Èmi tí mo máa ń sá tẹ̀lé yín káàkiri nígbà tí mo wà ní kékeré ni ẹ wá ń sá fún. Mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò sí owó tó yẹ kó sọ wá di ẹni tí ń yẹra fún ara wa nínú ilé ìyá wa.

Ohun tí mo rò pé a lè ṣe nìyí. Gbogbo kéékèèké tí mo ti ń fi ránṣẹ́, ti káàdì ìpè, ti owó ọkọ̀, mo ti fi jì yín, ẹ má tún rò ó mọ́. Owó ńlá mẹ́ta yẹn ni kí a pín sí ọ̀nà 12, kí ẹ máa san ìdá kan ní ọjọ́ 28 oṣù kọ̀ọ̀kan, bẹ̀rẹ̀ láti oṣù tó ń bọ̀. Tí 12 bá ga jù, ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ di 24, ó tẹ́ mi lọ́rùn. Tí oṣù kan bá le, ẹ kàn kọ̀wé sí mi kí ọjọ́ tó pé pé oṣù yìí ò rọgbọ. Mi ò ní béèrè ìdí. Ṣùgbọ́n títí a ó fi parí rẹ̀, mi ò ní yá yín ní owó mìíràn, ìbáà kéré.

Tí ọmọ bá ṣàìsàn, ọ̀tọ̀ nìyẹn o. Ẹ pè mí, ìbáà jẹ́ ọ̀gànjọ́ òru, èmi fúnra mi ni màá lọ sanwó nílé ìwòsàn, kò sì sí ẹni tó máa kà á sí gbèsè.

Ọ̀rọ̀ yìí ò dé etí Màámi, ìyàwó yín náà ò sì gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ọkọ mi nìkan ló mọ̀, nítorí owó àwa méjèèjì ni.

Nípa ti ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yin náà ní àwọn oníbàárà tó kó ọjà àwìn lọ tí wọn ò sanwó. Ẹ ti dárúkọ méjì nínú wọn fún mi rí. Tí ẹ bá fẹ́, màá wá ní Sátidé, kí a jọ ṣí ìwé àkọsílẹ̀ yín, kí a mọ ẹni tó jẹ yín àti iye tó jẹ́. Mo lè bá yín pè wọ́n, ẹ mọ̀ pé ojú kì í tì mí. Ó ṣeé ṣe kí iye tí ẹ ń wá lọ́wọ́ mi ti wà lọ́dọ̀ wọn.

Tí ọ̀rọ̀ mi bá dùn yín, ẹ pè mí, kí ẹ bá mi wí bí ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣáà má dákẹ́. Ọmọ yín obìnrin ní kí n bá òun wá ìwé ìṣirò, mo ti rí i rà. Màá mú un dání ní Sátidé, bóyá ẹ fèsì tàbí ẹ ò fèsì.

Èmi ni,
Àbúrò yín