Mo ti bá ọ tún un kọ, wò ó kó o tó fi ránṣẹ́ sí màmá

Àbúrò mi, mo ka ohun tó o fẹ́ fi ránṣẹ́ sí màmá dáírẹ́kítọ̀ wa. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á kí n tó mọ ohun tó ò ń tọrọ, bẹ́ẹ̀ ìpàdé ni màmá máa wà títí ilẹ̀ á fi ṣú lónìí. Tìẹ nìyí:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ẹ kú wàhálà wa. Mà, a lọ sí Òmù-Àrán lánàá, táyà wa bẹ́ bá a ṣe kọjá Àjàṣẹ́-Ìpo, ọ̀sán ti pọ́n ká tó débẹ̀. Kànga Ìdófìàn ti parí, omi ti ń yọ, àwọn ará ibẹ̀ ń ṣàdúà fún yín gan-an, mà. Ti Àjàṣẹ́-Ìpo, pọ́ǹpù ló kù, ẹni tó ń tà á ní ká ní sùúrù. Ti Òmù-Àrán ló fẹ́ yọ wá lẹ́nu díẹ̀, àpáta ibẹ̀ le, a gbẹ́ ẹ títí, a ò rómi. Wọ́n ti tún fi ẹ̀rọ wo ibòmíì, wọ́n lómi wà níbẹ̀. Owó díẹ̀ ló máa gbà, mà. Àwọn tó ni ẹ̀rọ sì ní Èkìtì làwọn ń lọ lọ́jọ́ Jímọ̀. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá wa wò ó."

Fi èyí rọ́pò rẹ̀:

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. À ń fẹ́ àṣẹ yín kó tó di aago méjìlá ọ̀sán Àlàmísì: ká gbẹ́ kànga-dẹ̀rọ Òmù-Àrán sí ojú ibòmíì, 850,000 náírà.

A gbẹ́ ti àkọ́kọ́ dé mítà 70, àpáta ni, kò sómi. Ibi tuntun tí wọ́n fi ẹ̀rọ wò fi mítà 60 jìnnà sí ti àkọ́kọ́, inú ọgbà ilé-ìwé kan náà ni. Owó pàjáwìrì iṣẹ́ yìí ṣì ku 1,200,000 náírà, ó gbé e. Ẹ̀rọ ìgbẹ́lẹ̀ ń lọ sí Èkìtì ní Jímọ̀. Tó bá lọ, àá tún san owó ọkọ̀ tó máa gbé e padà.

Ìdófìàn ti parí, omi ń yọ. Àjàṣẹ́-Ìpo: a ti gbẹ́ ẹ, pọ́ǹpù ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé.

Ẹ kàn fèsì pé 'Ẹ gbẹ́ ẹ' tàbí 'Ẹ dúró', mà."

Ìkíni kan ni mo fi sílẹ̀, èmi náà ò lè bá àgbà sọ̀rọ̀ láìkí i. Ọ̀rọ̀ táyà ti kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n mú risíìtì rẹ̀ wá fún mi. Mo pe àwọn tó ń gbẹ́ ẹ kí n tó rí iye owó yẹn. "Owó díẹ̀" ò ní mú màmá fọwọ́ sí nǹkan kan. Ti ọjọ́ Ajé tí pọ́ǹpù máa dé, ẹnu rẹ ni mo ti gbọ́ ọ. Tó bá jẹ́ pé o kàn fojú dá a ni, pe ẹni tó ń tà á kó o tó tẹ iṣẹ́ yìí lọ.