Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ ní Mánṣẹ́sítà

Ìbàdàn,
Ọjọ́ 14, oṣù Ọ̀wàrà, 2024.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé òtútù ìlú yẹn ò pọ̀ jù? Gbogbo wa nílé ń kí ọ.

Ìyá rẹ jíṣẹ́ rẹ fún mi. O ní kí n kọ òwe rẹpẹtẹ ránṣẹ́ kí o lè há wọn sórí. N ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó há òwe sórí láìmọ ibi tí wọ́n ti ń pa á, kò tíì mọ òwe. Ẹyọ kan ni màá fún ọ, màá sì sọ bó ṣe dé ọ̀dọ̀ mi.

Èlùbọ́ ni ìyá mi ń tà ní Dùgbẹ̀. Ní ọdún kan, òjò pa ẹrù tó ń bọ̀ láti Ṣakí. Nígbà tí wọ́n tú àpò, èlùbọ́ ti dì gbagidi, ó ń rùn. Ìyá mi jókòó tì í, ó ń ro ẹni tí yóò yá òun lówó. Ìyá tirẹ̀ dé, ó ní, “Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Kí ló gbé ọ ṣubú?” Ni ìyá mi bá dìde lọ yẹ ọkọ̀ wò. Tapólì ti ya ní igun ẹ̀yìn. Láti ọjọ́ náà, wọn kì í di ẹrù rẹ̀ títí yóò fi fi ọwọ́ tọ́ tapólì láti igun dé igun. Ojú mi ló ṣe.

Nígbà tí ìyá rẹ fìdí rẹmi nínú ìdánwò Wáẹ́ẹ̀kì, òwe yìí kan náà ni mo pa fún un. Ó wo ẹ̀yìn, ó rí i pé ìṣirò ni. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló ń lọ bá tíṣà àdúgbò wa títí ó fi yege.

Wò ó, òwe náà kò dárúkọ tapólì, kò dárúkọ ìṣirò. Ó kàn ní kí oníkálùkù wo ẹ̀yìn ara rẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí kò fi gbó mọ́ wa lọ́wọ́. Mo gbọ́ pé ìdánwò awakọ̀ ti gbé ìwọ náà ṣubú. Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ó ti kàn ọ́.

Bí o bá fẹ́ pa á níwájú àgbà, má kàn là á mọ́lẹ̀ o. Kọ́kọ́ sọ pé, “Tótó ó ṣe bí òwe, ẹ̀yin àgbà lẹ ni ín.” Wọn á ní, “Wàá rí òmíràn pa.” Àdúrà ni wọ́n ṣe fún ọ yẹn, ṣe àmín.

Pè mí lọ́jọ́ Àìkú, kí o sọ ohun tí o rí lẹ́yìn rẹ fún mi.

Èmi ni,
Ìyá rẹ àgbà.