Àkópọ̀ ímeèlì àwa àti oníbàárà wa ní Kútọnu lórí àdín àgbọn: ohun tí a ti fẹnu kò sí àti ohun tó ṣì wà nílẹ̀

Ọjọ́ Ajé, 24 oṣù Kẹta, ọdún 2025
Sí: Ìyá wa, Alákòóso Àgbà, Àgbádárìgì
Ẹ̀dà: Akápò, ọ̀gá ilé ìfúntí
Láti ọwọ́: Akọ̀wé ọjà títà

Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Gẹ́gẹ́ bí ẹ ti pa á láṣẹ ní ọjọ́ Ẹtì, mo ti ka gbogbo ímeèlì tó wà láàárín wa àti ilé iṣẹ́ ọṣẹ tí ń ra àdín lọ́wọ́ wa, láti ọjọ́ 4 oṣù Kejì títí di ọjọ́ 20 oṣù yìí. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 37, èdè Faransé ni wọ́n sì fi kọ gbogbo tiwọn. Ìkíni àti ọ̀rọ̀ ìtẹríba pọ̀ nínú wọn, nítorí pé àwọn Faransé kì í parí lẹ́tà láìsí gbólóhùn ọ̀wọ̀ gígùn, ṣùgbọ́n 11 péré ni ohun tó kàn wá wà nínú rẹ̀.

Kí ẹ tó ka ìyókù, ìbéèrè méjì ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dáhùn, ó pẹ́ jù ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 27: ta ni yóò san owó kọ́sítọ́ọ̀mù ní Sẹ̀mẹ̀, àti yàrá àyẹ̀wò wo ni a fẹ́ kí ó yẹ àdín wa wò? Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni wọ́n kọ̀wé pé kí a fèsì láàárín ọjọ́ mẹ́jọ. Bí àwa Yorùbá ti ń ka ọjọ́ náà ni àwọn Faransé ń kà á: ijọ́ mẹ́jọ wọn ni ọ̀sẹ̀ kan gééré, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ kan àti ọjọ́ kan. Bákan náà ni ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ẹ óò rí nísàlẹ̀ túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ méjì.

Ohun tí a ti fẹnu kò sí

Wọn yóò ra 1,000 lítà àdín àgbọn, èyí tí í ṣe kẹ́ẹ̀gì 40 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba lítà 25. Kẹ́ẹ̀gì 20 yóò lọ ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹrin, 20 yòókù yóò sì lọ ní ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti 1,850 sẹ́fà fún lítà kan, àwa sọ 2,200, a sì pàdé ní 2,050 ní ọjọ́ 12 oṣù yìí. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2,050,000 sẹ́fà. Wọn yóò san 820,000 ṣáájú, èyí tí í ṣe ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ẹrù àkọ́kọ́ tó kúrò ní ọgbà wa. Lẹ́yìn náà, wọn yóò san 615,000 lórí ẹrù kọ̀ọ̀kan láàárín ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ó bá dé ọwọ́ wọn. Kí Akápò kíyè sí i pé sẹ́fà ni a gbà, kì í ṣe náírà. Láti ọdún 1999 ni wọ́n ti so sẹ́fà mọ́ owó yúrò ní 655.957 sí ẹyọ yúrò kan, nítorí náà iye náà kò ní yí lọ́dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n náírà ni a fi ń ra àgbọn, náírà ni a sì fi ń ra dísù.

Ìwé ara kẹ́ẹ̀gì yóò jẹ́ èdè Faransé. Àwọn ni yóò tẹ̀ ẹ́.

Mo gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ kan kún èyí. Lẹ́tà ọjọ́ 12 tí a fi ń yọ̀ pé wọ́n ti gba iye owó wa kò gbà á lásán. Gbólóhùn tó tẹ̀ lé e ni pé àwọn gbà á bí èsì àyẹ̀wò bá tẹ́ àwọn lọ́rùn. Iye owó náà dúró, àmọ́ orí àyẹ̀wò ni ó dúró lé.

Ohun tó ṣì wà nílẹ̀

Àyẹ̀wò náà ni àkọ́kọ́. Wọ́n ń béèrè pé kí omi inú àdín má ju ìdá 0.2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ (0,2 ni wọ́n kọ ọ́, nítorí pé kọ́mà ni wọ́n ń fi sí ibi tí àwa ń fi àmì kíkán sí, ìdí nìyí tí wọ́n fi béèrè ní oṣù Kejì bóyá lítà kan ṣoṣo ni 1,000 tí a kọ sínú ìwé iye owó wa). Wọ́n dárúkọ yàrá àyẹ̀wò kan ní Kútọnu, wọ́n sì ní àwọn lè gba ti Èkó bí a bá kọ́kọ́ fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́. A kò tíì fi orúkọ kankan ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ àdín àpẹẹrẹ tó dì funfun nínú yàrá amúlétutù wọn náà kò tíì parí bí a ti rò. A ṣàlàyé fún wọn pé àdín àgbọn máa ń dì bí ooru bá lọ sílẹ̀ ju nǹkan bí ìwọ̀n 24 lọ, pé kì í ṣe àbùlà. Èsì wọn ní ọjọ́ 3 ni pé àwọn ti rí àlàyé wa. Wọn kò sọ pé àwọn gbà á.

Èkejì ni ibodè, òun ni ó sì ń kọ mí lóminú jù. Wọ́n kọ̀wé ní ọjọ́ 12 pé ẹrù yóò dé Kútọnu lọ́wọ́ wa; ní ọjọ́ kejì, èsì wa jẹ́ "a gbà". Nípa bẹ́ẹ̀, owó ọkọ̀ ti di tiwa. Ti kọ́sítọ́ọ̀mù kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Lábẹ́ ètò ẸKOWÁÀSÌ, ọjà tí a ṣe ní orílẹ̀-èdè tó wà nínú ẹgbẹ́ náà lè kọjá láìsan owó orí, ṣùgbọ́n ohun tí a fi ẹ̀rọ ṣe kò rí bí iṣu tàbí ẹja tútù: a gbọ́dọ̀ ti forúkọ ilé iṣẹ́ àti ọjà náà sílẹ̀, kí ìwé ẹ̀rí ibi tó ti wá sì bá ẹrù rìn. Ìforúkọsílẹ̀ tiwa kò tíì parí. Awakọ̀ wa sọ pé olùtọ́jú ilé ìkẹ́rùsí wọn bá òun sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní ọjọ́ 17, ní èdè Ẹ̀gùn, pé àwọn fúnra wọn yóò wá gba ẹrù ní Sẹ̀mẹ̀. Ìbá dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n kò rí i nínú ímeèlì kankan, nítorí náà n kò kà á mọ́ ohun tí a fẹnu kò sí. Wọ́n tún ní kí ẹrù kejì lọ sí Pọ́tò-Nófò. Àjàṣẹ́ náà ni.

Ẹ̀kẹta kan ilé ìfúntí. Nínú lẹ́tà ọjọ́ 18, wọ́n mẹ́nu ba 500 lítà lóṣooṣù láti oṣù Kẹfà. Ọ̀rọ̀ Faransé tí wọ́n lò níbẹ̀ jọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó túmọ̀ sí "nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín", bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó kọ́kọ́ kà á sì ṣe túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an ni "bóyá, bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀". Wọn kò ṣèlérí. Mo gbọ́ pé a ti ń bá alágbẹ̀dẹ dúnàádúrà lórí ẹ̀rọ ìfúntí kejì nítorí 500 lítà yìí. Mo bẹ̀ yín, kí a má tíì san àsansílẹ̀. Lẹ́tà kan náà ni wọ́n fi béèrè pé kí a má ta àdín fún alọ́ṣẹ mìíràn ní ìlú wọn fún ọdún kan. Ìbéèrè yẹn ní tirẹ̀ kò ní "bóyá" nínú rárá.

Ímeèlì 11 náà wà nínú fáìlì tó bá ìwé yìí wá, mo sì ti fi ìlà sábẹ́ àwọn gbólóhùn tí mo tọ́ka sí. Mo ti kọ èsì wa sílẹ̀ ní Faransé, ó ku kìkì ìlà méjì tó ń dúró de ìdáhùn yín.