Ètò àtúnkà ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà fún ìdánwò máíkíróbáyọ́lọ́jì

Àbúrò mi,

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ló kù. Mo ti tú ìwé àkọsílẹ̀ tí o gbàgbé sílé wò. Ó mọ́, ó kún, àmọ́ o ò fọwọ́ ara rẹ ya àwòrán kan ṣoṣo síbẹ̀. Má ṣe bẹ̀rẹ̀ àtúnkà láti ojú ìwé kìíní o. Àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ máa ń mọ ìtàn Pásítọ̀ àti ìgò ọlọ́rùn gígùn rẹ̀ dáadáa, wọn kì í sì í dé ibi tí máàkì wà.

Aago márùn-ún sí méje ìdájí ni kí o máa kàwé, kí jẹnẹrétọ̀ àwọn ará Àgbọ́wọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ariwo. Ìbéèrè ọdún àtijọ́ ni ti ọ̀sán Sátidé. Sinmi ní Sọ́ńdè.

Ọ̀sẹ̀ kìíní: sẹ́ẹ̀lì. Lójoojúmọ́, ya bakitéríà kan láìwo ìwé: ògiri, awọ inú, ráíbósómù, ìrù tó fi ń lúwẹ̀ẹ́. Ráíbósómù tirẹ̀ jẹ́ 70S, èyí tó wà nínú omi sẹ́ẹ̀lì tiwa jẹ́ 80S. Má kàn há a sórí. Ìyàtọ̀ yẹn ló jẹ́ kí tẹtirasáíkílìn lè dojú kọ bakitéríà láìba tiwa jẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Bí o bá kọ ìdí yẹn mọ́ ọn, olùkọ́ á mọ̀ pé ó yé ọ.

Ọ̀sẹ̀ kejì: àwọ̀ Gíráámù. Fi gbogbo ọ̀sẹ̀ náà fún un. Kírísítà fáólẹ́ẹ̀tì kọ́kọ́, ìṣẹ́jú kan, fi omi ṣàn án. Áyódínì, ìṣẹ́jú kan, ṣàn án. Lẹ́yìn náà ọtí, ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ péré, kí o tètè fi omi ṣàn án. Sáfúránínì ló kẹ́yìn. Èyí tí ògiri rẹ̀ nípọn á di àwọ̀ náà mú, á wà ní àwọ̀ àlùkò; èyí tí ògiri rẹ̀ fẹ́lẹ́, tó sì ní awọ mìíràn lóde, ọtí á fọ tiẹ̀ dànù, sáfúránínì á wá sọ ọ́ di pupa rẹ́súrẹ́sú.

Ọtí yẹn ni ibi ewu. Ìgbà tí èmi ń ṣe tèmi, mo ń bá ọ̀rẹ́ mi sọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí, mo jẹ́ kí ọtí pẹ́ lórí gíláàsì. Gbogbo sítáfílókọ́kọ́ọ̀sì mi di pupa, mo sì fi ìgboyà kọ "négétíìfù". Òdo ni mo gbà.

Ọ̀sẹ̀ kẹta: ìdàgbàsókè àti ìṣirò. Ya ìlà ìpele mẹ́rin náà: ìgbáradì, ìbísí, ìdúrósojúkan, ikú. Lẹ́yìn náà N = N₀ × 2ⁿ. Bí sẹ́ẹ̀lì kan bá ń di méjì ní ogún ìṣẹ́jú, wákàtí mẹ́ta fún ọ ní ìgbà 9, ìyẹn 512.

Ti àdàlù omi ló ń kó ọ láyà jẹ, mo mọ̀. Kò ṣòro: o da 0.1 ml láti inú ìgò 10⁻⁴ sínú àwo, o ka ìdìpọ̀ 45.

```
45 ÷ (0.1 × 10⁻⁴) = 4.5 × 10⁶ CFU/ml
```

Àwo tó ní 30 sí 300 ni kí o kà. Ṣe irú rẹ̀ márùn-ún lóòjọ́.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin: pípa kòkòrò. Ọ́tókíléèfù: 121°C, 15 psi, ìṣẹ́jú 15. Ooru inú èéfín omi ló ń pa kòkòrò, kì í ṣe ìfúnpọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ìfúnpọ̀ kàn jẹ́ kí èéfín omi náà gbóná ju 100°C lọ ni, bíi ti ìkòkò ìfúnpọ̀ tí màámi fi ń se ẹran. Wàrà: 63°C fún ìṣẹ́jú 30, tàbí 72°C fún ìṣẹ́jú-àáyá 15. Rántí pé omi híhó lásán kì í pa gbogbo sípóòrù.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún: ìyókù. Fáírọ́ọ̀sì, olú, pírótósóà: ọjọ́ kan-kan tó wọn. Òfin Kọ́ọ̀kù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe pàtàkì jù, pàápàá ibi tí ó ti kùnà: bakitéríà ẹ̀tẹ̀ kì í hù nínú àwo. Ọdún mẹ́ta kí o mọ̀: 1882 Kọ́ọ̀kù àti ikọ́ ẹ̀gbẹ, 1884 Gíráámù, 1928 Fílẹ́mìnì àti pẹnisílínì. Bí wọ́n bá ní kí o fi àpẹẹrẹ fámẹ́ńtéṣọ̀n oúnjẹ hàn, má lọ wá wáínì òyìnbó. Kọ ògì, irú àti ẹmu.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà. Kò sí ohun tuntun mọ́. Jókòó ní láíbìrì, kọ ìdáhùn wákàtí méjì tán láìwo ìwé, lẹ́ẹ̀mẹta. Fi èyí tó burú jù ránṣẹ́ sí mi, màá fi gègé pupa sí i.

Ìdánwò wà ní Túsìdeé, aago mẹ́sàn-án. Ní Mọ́ńdè, sùn ní aago mẹ́wàá. Mú kàkùlétọ̀, bíróò méjì, pẹ́ńsùlù àti rọ́bà. Irú tí màámi fi ránṣẹ́ wà nínú ọ̀rá dúdú. Má jẹ́ kó ta sórí ìwé mi.

Ẹ̀gbọ́n rẹ